Àpẹẹrẹ Kẹrin: àlàyé ìlà dé ìlà

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìwé. Mo ti ka ìbéèrè yín lórí Àpẹẹrẹ Kẹrin inú ìwé kọ́ọ̀sì wa. Ẹ ní ẹ bá ojútùú náà lọ dáadáa títí dé orí owó ọjà, pé láti ibi owó ilé ni ó ti dojú rú, àti pé ibi tí àyàsọ́tọ̀ fún gbèsè àwọn oníbàárà ti di 1,000 lókè tó sì tún di 4,000 nísàlẹ̀ ni ẹ ti pa ìwé dé. Kò yà mí lẹ́nu. Ẹni tó kọ ojútùú yẹn fo àwọn ìgbésẹ̀ kan láàárín, bẹ́ẹ̀ àwọn ìgbésẹ̀ yẹn gan-an ni ẹni tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ wá kàwé lálẹ́ nílò. Màá kọ wọ́n síbí. Ẹ mú pẹ́ńsù, kí ẹ máa fa ìlà sábẹ́ èyí tí a bá ti parí.

Ohun tí wọ́n fún wa nìyí: tírayà bálánsì oníṣòwò kan ní 31 Disẹmba 2023.

| | Dẹ́bíìtì | Kírédíìtì |
|---|---|---|
| Ọjà ìbẹ̀rẹ̀ ọdún | 60,000 | |
| Ọjà tí a rà | 520,000 | |
| Ọjà tí a tà | | 800,000 |
| Owó ilé | 130,000 | |
| Owó oṣù òṣìṣẹ́ | 88,000 | |
| Owó iná | 14,000 | |
| Ọkọ̀, iye tí a rà á | 200,000 | |
| Àpapọ̀ ìdínkù iye ọkọ̀ | | 40,000 |
| Àwọn oníbàárà tó jẹ wá | 82,000 | |
| Àyàsọ́tọ̀ fún gbèsè tó lè kú | | 3,000 |
| Owó ní báǹkì | 45,000 | |
| Àwọn tí a jẹ lówó ọjà | | 70,000 |
| Owó tí olówò mú fún ara rẹ̀ | 36,000 | |
| Owó ìdókòwò | | 262,000 |
| Àpapọ̀ | 1,175,000 | 1,175,000 |

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n wá to àwọn àfikún ọ̀rọ̀ márùn-ún sísàlẹ̀. Ọ̀kan: ọjà tó kù nílẹ̀ lọ́jọ́ ìparí ọdún jẹ́ 80,000. Èkejì: owó ilé tí a san dé ìparí oṣù Jánúárì 2024, 10,000 ni lóṣù. Ẹ̀kẹta: owó oṣù tí a kò tíì san jẹ́ 8,000. Ẹ̀kẹrin: kí a dín iye ọkọ̀ kù ní ìdá 20 nínú 100, lórí iye tó ṣẹ́ kù. Ẹ̀karùn-ún: gbèsè 2,000 ti kú pátápátá, kí àyàsọ́tọ̀ sì jẹ́ ìdá 5 nínú 100 àwọn gbèsè yòókù.

Ẹ fi èyí sọ́kàn kí a tó wọ inú rẹ̀: nọ́ńbà inú tírayà bálánsì ti wọ ìwé lẹ́ẹ̀mejì tẹ́lẹ̀, nítorí náà ibì kan ṣoṣo ni yóò lọ nínú ojútùú, bóyá orí èrè, bóyá orí dúkìá àti gbèsè. Àfikún ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ kò tíì wọ ìwé rárá. Ìdí nìyẹn tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fi gbọ́dọ̀ hàn níbi méjì. Tí ẹ bá kọ ọ̀kan níbì kan ṣoṣo, ìwé yín kò ní dọ́gba láéláé. Ọ̀pọ̀ máàkì tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pàdánù lórí irú ìbéèrè yìí, ibẹ̀ ló ń gbà lọ.

Ìlà kìíní, ọjà tí a tà, 800,000. Ẹ kọ ọ́ bó ṣe wà.

Ìlà kejì dé ìkarùn-ún ni iye tí ọjà tí a tà náà ná wa:

```
60,000 + 520,000 - 80,000 = 500,000
```

A ní ọjà 60,000 nílẹ̀ nígbà tí ọdún bẹ̀rẹ̀, a ra 520,000 kún un, 580,000 ló wà fún títà. Nígbà tí a ka ohun tó kù, 80,000 ni. Èyí tó ti jáde jẹ́ 500,000. Ẹ kíyè sí i pé 80,000 yìí kò sí nínú tírayà bálánsì, nítorí ọjọ́ tí ọdún parí ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á. Ó yọ kúrò lára ìnáwó níbí, yóò sì tún jókòó sínú dúkìá nísàlẹ̀. Èrè orí ọjà wá jẹ́ 800,000 yọ 500,000, ìyẹn 300,000.

Owó ilé: 120,000. Ẹ bi mí pé nígbà tí a san 130,000, kí ló dé tí wọ́n kọ 120,000. Ẹ má wo iye tó jáde ní báǹkì. Ẹ bi ara yín pé: oṣù mélòó ni a lo ilé yìí nínú 2023? Méjìlá. Méjìlá lọ́nà 10,000 jẹ́ 120,000. Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá tó lé, ti Jánúárì 2024 ni, a kò sì tíì jẹ àǹfààní rẹ̀. Owó àsansílẹ̀ ni, onílé ló jẹ wá ní oṣù kan. Nítorí náà ó wọ ara dúkìá.

Owó oṣù òṣìṣẹ́: 96,000. Òdìkejì owó ilé ni. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ fún wa nínú 2023, ìbáà jẹ́ pé owó 8,000 kò tíì kàn wọ́n lọ́wọ́. Iṣẹ́ ọdún yìí, ìnáwó ọdún yìí. 88,000 pẹ̀lú 8,000 jẹ́ 96,000, a ó sì kọ 8,000 náà sára gbèsè tí a jẹ.

Owó iná, 14,000, kò sí àfikún ọ̀rọ̀ kankan lórí rẹ̀. Ẹ gbé e bó ṣe wà.

Ìdínkù iye ọkọ̀: 32,000. Ibí yìí ni kí ẹ ti rọra. Gbólóhùn tó ṣe pàtàkì nínú ìbéèrè ni "lórí iye tó ṣẹ́ kù". 40,000 tó wà ní kírédíìtì jẹ́ ohun tí a ti yọ ní ọdún tó kọjá. Nítorí náà:

```
200,000 - 40,000 = 160,000
160,000 x 20% = 32,000
```

Tó bá jẹ́ "lórí iye tí a rà á" ni wọ́n kọ, a ó mú 200,000 lọ́nà ìdá 20 nínú 100, yóò sì tún jẹ́ 40,000. Àṣìṣe méjì ló wọ́pọ̀ níbí. Àwọn kan máa ń gbé 40,000 ti àtijọ́ sórí ìnáwó ọdún yìí, bẹ́ẹ̀ èrè ọdún tó kọjá ti ru ẹrù yẹn tán. Àwọn mìíràn máa ń kọ 72,000, wọ́n pa ti ọdún méjèèjì pọ̀. Orí èrè, ti ọdún yìí nìkan, 32,000. Orí dúkìá, àpapọ̀ láti ọjọ́ tí a ti ra ọkọ̀, 72,000. Ẹ̀yin náà ti ń rí i pé irú ìyàtọ̀ yìí kan náà ló bí 1,000 àti 4,000 tí ẹ bi mí.

Ẹ jẹ́ ká wá dé ibẹ̀. Ìlà méjì ni, ẹ má pa wọ́n pọ̀.

Gbèsè tó ti kú: 2,000. Oníbàárà yẹn kò ní san mọ́, ọ̀rọ̀ ti parí. A yọ ọ́ kúrò pátápátá lára gbèsè tí wọ́n jẹ wá, 82,000 di 80,000, a sì gbé 2,000 sórí ìnáwó. Èyí gbọ́dọ̀ ṣáájú. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wá ìdá 5 lára 82,000 yóò rí 4,100, ó sì ti ṣì í nìyẹn, nítorí ó ń ya owó sọ́tọ̀ nítorí gbèsè tó ti sin tẹ́lẹ̀.

Àfikún àyàsọ́tọ̀: 1,000. Láàárín 80,000 tó kù, a kò mọ ẹni tí kò ní san, ṣùgbọ́n a mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo wọn ni yóò san. Ìdá 5 nínú 100 jẹ́ 4,000. Iye tí àyàsọ́tọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ lọ́jọ́ ìparí ọdún nìyẹn. Ẹ padà wo tírayà bálánsì: 3,000 ti wà níbẹ̀ láti ọdún tó kọjá, èrè ọdún tó kọjá ló sì san án. Láti mú 3,000 dé 4,000, ẹyọ 1,000 péré ni èrè ọdún yìí yóò fi kún un.

```
80,000 x 5% = 4,000
4,000 - 3,000 = 1,000
```

Nítorí náà 1,000 ni ìrìn, 4,000 ni ibi tí a dé. Orí èrè ń béèrè ohun tó yí padà láàárín ọdún. Ojú ìwé dúkìá ń béèrè bí nǹkan ṣe rí lọ́jọ́ tó kẹ́yìn. Tí ẹ bá mú èyí dání, ẹ kò ní nílò láti há a sórí.

Ẹ ro ìnáwó pọ̀: 120,000, 96,000, 14,000, 32,000, 2,000 àti 1,000 jẹ́ 265,000. Èrè tó délẹ̀ jẹ́ 35,000.

Ojú ìwé kejì yóò yá wàyí, nítorí ẹsẹ̀ kejì gbogbo àfikún ọ̀rọ̀ ló ń dúró dè wá níbẹ̀. Ọkọ̀ ṣì jẹ́ 200,000, a kì í pa iye tí a rà á rẹ́. 72,000 la yọ lábẹ́ rẹ̀, ó ku 128,000. Ọjà tó kù nílẹ̀, 80,000. Àwọn oníbàárà, 80,000 yọ 4,000, ó jẹ́ 76,000. Owó ilé àsansílẹ̀, 10,000. Báǹkì, 45,000. Gbogbo dúkìá jẹ́ 339,000.

Ní ẹ̀gbẹ́ kejì, owó ìdókòwò 262,000, pẹ̀lú èrè 35,000, yọ 36,000 tí olówò mú fún ara rẹ̀, ó ku 261,000. Mo rí i nínú iṣẹ́ tí ẹ fi ránṣẹ́ pé ẹ fi 36,000 yẹn sáàárín ìnáwó. Ẹ yọ ọ́ kúrò níbẹ̀. Kì í ṣe òwò ló ná an, olówò ló gba díẹ̀ padà nínú ohun tó jẹ́ tirẹ̀. Àwọn tí a jẹ lówó ọjà, 70,000, àti owó oṣù tí a kò tíì san, 8,000, jẹ́ 78,000. 261,000 pẹ̀lú 78,000 jẹ́ 339,000. Ó dọ́gba.

Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ìdọ́gba tàn yín. Ẹni tó kọ àyàsọ́tọ̀ sí 4,100 níbi méjèèjì, tó sì gbé 1,100 sórí èrè, ìwé tirẹ̀ náà yóò dọ́gba, kò sì tọ̀nà. Ìdọ́gba ń sọ pé ẹ kọ nǹkan níbi méjì. Kò sọ pé iye yẹn pé.

Kí ẹ tó ṣí Àpẹẹrẹ Karùn-ún, ẹ fi bébà bo ojútùú, kí ẹ tún un ṣe pẹ̀lú ìyípadà kan ṣoṣo: ẹ sọ ìdá 5 di ìdá 2. Àyàsọ́tọ̀ yóò wálẹ̀ sí 1,600, ó kéré sí 3,000 tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ ronú dáadáa nípa ẹ̀gbẹ́ tí 1,400 tó fi dín yóò lọ, ẹ má kàn gbé e sórí ìnáwó nítorí pé ibẹ̀ ni 1,000 wà. Tó bá tọ̀nà, èrè tó délẹ̀ yóò jẹ́ 37,400, gbogbo dúkìá yóò sì jẹ́ 341,400. Tí nọ́ńbà yín bá yàtọ̀ sí èyí, ẹ ya fọ́tò iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí mi kí ọjọ́ kíláàsì tó pé, a ó jọ wá ibi tó ti yẹ̀.