Ẹrù yín di àárọ̀ ọ̀la: ọ̀nà jìn ju bí mo ṣe sọ fún yín

Ṣábọ̀, Ìkòròdú
Ọjọ́ Ẹtì, 14 Oṣù Kẹta, 2025

Ìyá Tọ́pẹ́,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìmúra àlejò. Tábìlì ìjẹun yín àti àga mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti parí látàná, fáníìṣì ti gbẹ. Ṣùgbọ́n agogo 12 ọ̀sán òní tí mo dá fún yín, n kò ní lè mú un ṣẹ. Àárọ̀ ọ̀la, ọjọ́ Àbámẹ́ta, ní nǹkan bí agogo 8, lọkọ̀ máa dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.

Èmi ni mo ṣi ìṣirò. Lọ́jọ́ tí ẹ wá san àsansílẹ̀, orí fóònù ni mo ti fa ìlà láti Ìkòròdú dé Sàngótẹ̀dó. Ó fún mi ní kìlómítà 20 ó lé díẹ̀, ni mo bá sọ fún yín pé wákàtí kan ti tó. Orí ọ̀sà ni ìlà yẹn gbà kọjá! Láàárọ̀ yìí tí dírẹ́bà dé, tó bi mí pé ibo ni ká gbà, ojú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ wá là sí i.

Ọkọ̀ máa kọ́kọ́ gba Máìlì 12, Kétu àti Ọ̀jọ́ta, kó tó yà sí Ọ̀wọ́ǹrọ̀nṣòkí, kó gun afárá Tọ́ọ̀dù Méénlándì, tí òun nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 12. Tó bá sọ̀kalẹ̀ ní Erékùṣù, á tún wá gba títì Lẹ́kkí sí Ẹ̀pẹ́ bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Gbogbo ẹ̀ á tó kìlómítà 70. A wo ọ̀nà Ìtòkín sí Ẹ̀pẹ́ náà, ìyẹn lé ní 100. Ọkọ̀ ojú omi elérò wà ní Ẹbúté lóòótọ́, àmọ́ n kò jẹ́ gbé gíláàsì orí tábìlì yín sínú rẹ̀.

Bí a bá gbéra lọ́sàn-án Ẹtì yìí, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ìrọ̀lẹ́ ló máa ká wa mọ́ ojú ọ̀nà, ẹ sì ti sọ fún mi pé géètì yín kì í gba ọkọ̀ ẹrù lẹ́yìn agogo 5. N kò fẹ́ kí tábìlì yín sùn síta. Agogo 5 ìdájí la máa ṣí.

Mo ti fi bùláńkẹ́ẹ̀tì méjì wé gíláàsì náà, mo fi fóòmù há igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, òòró la sì máa gbé e dúró sí nínú ọkọ̀. Owó ọkọ̀ tí a jọ fẹnu kò sí, ₦35,000, kò yí padà. ₦55,000 ni dírẹ́bà ń gbà báyìí tó ti mọ ọ̀nà. ₦20,000 tó lé, ọrùn mi ló wà.

Èmi fúnra mi máa bá ọkọ̀ wá, kí n lè to tábìlì náà kí àlejò yín tó dé lọ́jọ́ Àìkú. Tí a bá ti sọ̀kalẹ̀ lórí afárá, n ó pè yín, kí ẹ lè bá àwọn onígéètì sọ̀rọ̀.

Èmi ni tiyín,
Bàbá Káyọ̀dé, káfíńtà