Èsì sí ìkéde iṣẹ́ alábòójútó oko kòkó ní Ìdànrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ẹ ṣeun tí ẹ kọ iye owó oṣù síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan nínú ìkéde yín ló mú mi dúró: ẹ ní ẹni tí àwọn àgbẹ̀ máa gbà láyè nínú oko wọn lẹ ń wá.

Ojú mi ti rí ohun tí ẹ ń sọ. Lọ́dún 2023, wọ́n rán àwa mẹ́ta lọ sí abà kan lẹ́yìn Ìdànrè pé ká lọ fi fóònù gba ààlà oko. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò sẹ́ni tó dá wa lóhùn. Bàbá kan bi mí pé, "Ṣé ilẹ̀ lẹ fẹ́ gbà ni, àbí owó orí?" Mi ò bá wọn jiyàn. Mo jókòó, mo bá wọn pa kòkó títí di ìrọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ kejì ni mo tó ṣàlàyé pé òfin ilẹ̀ Yúróòpù kò ní gba kòkó tó bá ti inú oko tí wọ́n pa igbó dá lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 2020, pé ààlà tá a bá gbà ló máa jẹ́rìí pé oko tí bàbá wọn gbìn kì í ṣe irú rẹ̀. Mo gbé fóònù lé wọn lọ́wọ́, àwọn fúnra wọn ló kọ́kọ́ rin ààlà náà yíká. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, a ti gba ààlà oko 112.

Òfin náà gbà kí oko tí kò ju hẹ́kítà 4 lọ ní ojú kan ṣoṣo lórí àwòrán ilẹ̀. Tó bá jẹ́ tèmi, màá rìn wọ́n yíká bákan náà, pàápàá níbi tí oko bá ti fẹ̀gbẹ́ kan igbó ọba. Ojú kan kò lè fi hàn bóyá oko ti wọ inú rẹ̀.

Ní ti yíyẹ kòkó wò, mo ti lo ẹ̀rọ tó ń wọn omi inú hóró. Èyí tó bá ju ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, mo máa ń ní kí wọ́n tún un sá.

Àkúrẹ́ ni mò ń gbé, mo ní ọ̀kadà, mo sì lè bẹ̀rẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Mo ti fi ìwé mi ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì tí ẹ kọ.

Ìbéèrè kan, mà: ọ̀pọ̀ ẹni tó ń dáko níbẹ̀ ló ń san ìṣákọ́lẹ̀. Orúkọ ta ni ilé iṣẹ́ máa kọ sílẹ̀, onílẹ̀ ni àbí ẹni tó ń dá oko náà? Ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi mí nìyẹn.