Ẹ Bá Wa Yọ̀: Bàbá Àjàní, Ọlọ́kọ̀ Epe, Lo Ọdún 92 Láyé

Ẹ wo ẹnu yẹn dáadáa. Eyín iwájú ti lọ, ẹ̀rín ò lọ. Lọ́jọ́ tá a ya fọ́tò yìí, Bàbá jókòó sórí ọkọ̀ kan tí wọ́n dojú ẹ̀ délẹ̀ létí omi ní Màrínà Epe. Fìlà ẹ̀ ti yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bó ṣe máa ń yẹ̀ tí nǹkan bá dùn mọ́ ọn. Ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ bi í pé ọkọ̀ mélòó ló ti kàn láyé. Ó ní, "Ẹ lọ bi ọ̀sà," ló bá bú sẹ́rìn-ín. Nínú gbogbo fọ́tò tó wà nílé, eléyìí la yàn, torí bí Bàbá ṣe rí gan-an nìyẹn.

Àárọ̀ Ọjọ́rú ni Bàbá papò dà, lẹ́yìn tó kírun àsùbá tán. A sin ín lọ́jọ́ náà gan-an, bí ẹ̀sìn wa ṣe là á sílẹ̀. A ti sunkún díẹ̀, ó tó. Ẹni ọdún 92 tó fi ọmọ 9, ọmọ-ọmọ 34 àti àtọmọdọ́mọ 21 sílẹ̀, tí Ọlọ́hun ò jẹ́ kó fojú sunkún ọmọ kankan, ọpẹ́ ló yẹ ká máa dá lórí ẹ̀. Ọpẹ́ náà ni mo wá dá níbí.

Ọkọ̀ pákó ni Bàbá ń kàn. Ọ̀dọ̀ bàbá tiẹ̀ ló ti kọ́ ọ, láyé ìgbà tó jẹ́ pé orí omi ni Epe ń gbà lọ ibi gbogbo, tí ọkọ̀ ń kó ẹrù lọ sọ́jà Èjìnrìn, tó sì ń gbé èrò lọ sí Èkó. Lẹ́yìn ìgbà tí ọ̀nà títì gba Lẹ́kì dé Epe, ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ kó irinṣẹ́ wọn sí àjà. Bàbá ní ẹja ò gun títì. Òótọ́ ló sọ. Ọ̀bọ̀kún àti epìyà tẹ́ ẹ máa ń ná lọ́wọ́ àwọn ìyá wa ní ọjà Olúwo, nínú ọkọ̀ ló ṣì ń bá dé èbúté. Ó ṣòro kó máà sí ọkọ̀ Bàbá níbẹ̀.

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ bó ṣe ń ṣe é, torí inú iṣẹ́ yẹn ni ìwà ẹ̀ wà. Tí pákó bá dé láti ibi tí wọ́n ti là á, Bàbá á fi ìka kàn án, á tẹ́tí sí i. "Eléyìí ṣì mumi lára," ni á wí, wọ́n á sì gbé e sápá kan kó tún gbẹ sí i, oníbàárà ì báà máa kánjú títí ilẹ̀ fi máa ṣú. Níbi tí pákó méjì bá ti pàdé, òwú ló máa ń ki bọ̀ ọ́. Òòlù kékeré kan wà tó jẹ́ ti iṣẹ́ yẹn nìkan, a ò gbọ́dọ̀ fi kan ìṣó. Á máa fi gbá òwú yẹn wọlé pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, kó tó wá fi ọ̀dà gbígbóná bò ó. Tó bá le jù, pákó á là. Tó bá rọ̀ jù, omi á wọlé. Mo ti jókòó tì í lọ́pọ̀ ìgbà tó ń ṣe èyí, mi ò rí i kó kánjú rí.

Tó bá wá di ọjọ́ tí wọ́n máa ti ọkọ̀ sómi, Bàbá ló ń kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Òun nìkan. Á wọ́n eérú gbígbẹ sójú gbogbo ibi tí pákó ti pàdé, á jókòó sáàárín, á ní kí wọ́n máa tì í lọ. Ibi tí eérú bá ti dúdú, ibẹ̀ lomi ti ń yọ́ wọlé. Ọ̀rọ̀ kan ló máa ń sọ, gbogbo èbúté mọ̀ ọ́n: "Ọkọ̀ tí èmi ò bá lè jókòó sí, mi ò ní gbowó ẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ."

Ọjọ́ kan wà tí ọkùnrin kan wá láti ìletò kan lódìkejì ọ̀sà. Ó ti san owó ọkọ̀ pé, ó ti mú àwọn ọmọ ẹ̀ dání, àwọ̀n tuntun sì wà lọ́wọ́ wọn. Bàbá wọnú ọkọ̀, ó wọ́n eérú, wọ́n tì í lọ. Ibì kan ṣoṣo ló dúdú, kò ju ojú èékánná lọ. Ọkùnrin náà ní kò ṣe nǹkan, òun á máa gbọ́n ọn. Bàbá ní kí wọ́n fa ọkọ̀ padà sókè. Ó dá owó ọkùnrin náà padà fún un pátápátá, ó ní kó mú un lọ́wọ́ títí ọkọ̀ á fi dára, kó má bàa jẹ́ pé owó ẹ̀ ń bẹ lọ́dọ̀ Bàbá, tí òun náà ò sì rí ọkọ̀ gbé relé. Ó tú òwú ibẹ̀, ó tún un kì. Ọkùnrin yẹn padà wá gba ọkọ̀ ẹ̀, ó sì ń kó ẹja gbígbẹ wá fún wa ní gbogbo Iléyá títí òun náà fi dàgbà. Nígbà tá a gbé Bàbá dé sàréè, àwọn ọmọ ọkùnrin yẹn wà níbẹ̀, wọ́n sì bá wa wa erùpẹ̀. Lójú tèmi, ogún tó ju ilé àti ilẹ̀ lọ nìyẹn.

Ìwà yẹn ló tàn ká gbogbo ilé. Àǹtí wa tó ń yan ẹja kì í ta èyí tí kò kọ́kọ́ bù sẹ́nu. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń wakọ̀ akérò kì í gbé èrò láìjẹ́ pé òun fúnra ẹ̀ ti wo táyà àti bíréèkì. Ọmọṣẹ́ 17 ló kọ́ṣẹ́ jáde lọ́wọ́ Bàbá, lọ́jọ́ tí wọ́n bá sì ń gba fúrídọ̀ọ̀mù, Bàbá ló ń ra ayùn fún wọn. Mélòó nínú yín ló mọ ọ̀gá tó ń ra irinṣẹ́ fún ọmọṣẹ́ tó ń lọ?

Èmi tí mo wá di oníṣirò owó, ara ògiri ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ. Ẹfun ló fi ń kọ gbèsè síbẹ̀. Náírà ti dé láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973, ṣùgbọ́n pọ́n-ùn àti ṣílè lòun ń kọ ní tiẹ̀. Á ní, "Àyìnkẹ́, ìyá mi, ṣílè mélòó ló wà nínú náírà mẹ́ta?" Mo gbọ́dọ̀ dáhùn kó tó ka eéjì: ọgbọ̀n. Kọ́bọ̀ mẹ́wàá ni ṣílè kan, náírà méjì ni pọ́n-ùn kan. Tí mo bá gbà á, á fún mi lẹ́fun, kí n kọ ọ́ sára ògiri fúnra mi, èmi ọmọ ọdún mẹ́jọ, níwájú àwọn ọkùnrin tó gbà pé ọmọbìnrin ò gbọdọ̀ wọ ibi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀. Bàbá ò bá wọn jiyàn. Ó kàn gbé àpótí sílẹ̀ kí ọwọ́ mi lè tó òkè.

Ẹ jẹ́ n tún sọ ti ayò, torí tẹ́ ẹ bá gbàgbé ayò, ẹ ò mọ Bàbá. Ajẹkù pákó ọkọ̀ ló fi gbẹ́ ọpọ́n ẹ̀, ihò mẹ́fà níhìn-ín, mẹ́fà lọ́hùn-ún, ọmọ ayò 48 sì ń dán láti ara ọwọ́ tó ti ń dì wọ́n mú láti ọdún yìí wá. Kì í rẹ́ni jẹ o. Ohùn ló ń lò. Bó o bá ṣe ń ka ọmọ ayò rẹ lọ, á fi orin há ọ láàárín, á ki ọ ní oríkì ìyá rẹ, orí rẹ á wú, o ò ní mọ̀ ibi tó o kà á dé mọ́. Ọ̀rẹ́ ẹ̀ tímọ́tímọ́, ẹni tí wọ́n jọ ń lọ kéwú lọ́mọdé, ní òun ti ń gbìyànjú láti borí ẹ̀ nínú ayò láti ìgbà òmìnira 1960.

Ọmọ Akéte ilé ọgbọ́n ni Bàbá. Àwọn bàbá ńlá wa wà lára àwọn tó tẹ̀ lé Ọba Kòsọ́kọ́ ti Èkó wá sí Epe lẹ́yìn ìjà 1851. Nígbà tí Kòsọ́kọ́ padà sí Èkó lọ́dún 1862, àwọn tiwa jókòó sí Epe. Gbogbo ọdún Káyọ̀káyọ̀ ni Bàbá máa ń sọ ìtàn yìí fún wa, pẹ̀lú agbádá tó ti lọ̀ fúnra ẹ̀ lálẹ́ àná. Ọmọ Ìjẹ̀bú Epe ló fẹ́, Ìyá wa Àgbà. Àwọn kan ṣe wàhálà díẹ̀ nígbà náà, Bàbá ò gbọ́. Ó ní inú ọkọ̀ kan náà ni Èkó Epe àti Ìjẹ̀bú Epe wà. Ní ilé wa, ìkòkorè ń bẹ, ọbẹ̀ ẹja ń bẹ, ọdún apá méjèèjì la sì ń ṣe. Bàbá kì í jókòó nínú ìkankan. Ọdún tó kọjá yìí, ọ̀pá wà lọ́wọ́ ọ̀tún ẹ̀, ó gbé e fún ọmọ-ọmọ kan mú, ó jó. Ìyá Àgbà ń pariwo pé kó rọra. Ó nawọ́ sí òun náà pé kó dìde.

Àwọn ọmọṣẹ́ ẹ̀ ló ń kan ọkọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù báyìí. Wọ́n ṣì ń wọ́n eérú. Wọ́n ṣì ń kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ fúnra wọn.

Ẹ̀yin ará ilé, ará èbúté, ará ọjà, ẹ̀yin ìmáàmù wa àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ Bàbá, a dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ọlọ́hun ò ní jẹ́ ká rí ibi. Kí Ó ṣe àwọn àṣìṣe Bàbá ní àforíjìn, kí Ó sì fi Alijánà onídẹ̀ra ṣe ilé fún un.

Sátidé tó ń bọ̀ la máa ṣe fídáù ogójì ọjọ́, lágbolé wa, aago mẹ́wàá àárọ̀. Tá a bá ti ṣàdúà tán, a máa tẹ́ ọpọ́n ayò sábẹ́ igi, ẹni tó bá lè borí ọ̀rẹ́ Bàbá máa gba àgbò. Ẹ̀bà wà, ìkòkorè wà, ẹja ò ní wọ́n yín. Ẹni tó bá ní ìtàn kan nípa Bàbá, kó sọ ọ́ fún wa, kó má sọ ọ́ ní kúkurú. Aṣọ aláwọ̀ ewé àti funfun la yàn. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má wọ dúdú wá.