Bọ́ọ̀lù Sátidé ní Kúbwà: ẹ kà á dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó bi mí ní ìbéèrè

Ẹ kú alẹ́ o, gbogbo ilé. Kọ́ọ̀ṣì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi orúkọ ránṣẹ́ sí mi ni, mo ní kí n tètè kọ ọ́ síbí kí wọ́n tó mú iná lọ.

Sátidé yìí la fẹ́ lọ bá àwọn ará Kúbwà gbá a nílé wọn, ní pápá iléèwé tó wà lẹ́bàá ọ̀nà Gado Násíkò, níbi tá a ti gbá ọ̀mì 1–1 lọ́jọ́sí. Aago 8:00 àárọ̀ ni rẹfirí máa fọn fèrè. Ní 7:15, mo fẹ́ rí gbogbo yín lórí pápá pẹ̀lú búùtù lẹ́sẹ̀, kì í ṣe "mo ti wà lójú ọ̀nà" tí mo mọ̀ pé orí bẹ́ẹ̀dì lẹ ti ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin náà rántí ìjọ́sí: àwa mẹ́jọ péré la dúró nígbà tí fèrè dún. Ẹni méje ni òfin ní ó kéré jù. Ká ní èèyàn méjì sí i ti pẹ́ ni, ilé là bá gbà lọ.

Ọkọ̀: mo ti bá dírẹ́bà sọ̀rọ̀, bọ́ọ̀sì onísíìtì 18 ni. Abẹ́ bíríìjì Nyányà la ti ń gbéra ní 5:45. AYA, 6:05. Bẹ́gà, 6:25. Ìkòríta Gwarinpa, 6:40. Ìṣẹ́jú mẹ́ta là ń dúró níbì kọ̀ọ̀kan, nítorí tí Kúgbò bá dí mọ́ wa lójú, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Alfa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kírun súbúì yín ní tòsí bíríìjì kí ẹ kàn sọdá sínú ọkọ̀. 2,000 náírà ni owó ọkọ̀ àlọ àtàbọ̀, mo sì fẹ́ gbà á kó tó di alẹ́ Fúráídè. Dírẹ́bà, kọ́ọ̀ṣì, èmi àti agbábọ́ọ̀lù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ọkọ̀ ti kún nìyẹn. Táyé máa pàdé wa níbẹ̀ láti Dútsè. Kò sí àyè fún ọmọ tàbí àbúrò ìyàwó. Ẹni tí bọ́ọ̀sì bá fi sílẹ̀, kó lọ wọ ọkọ̀ inú páàkì. Ẹ má lọ dá álọ́ńgì dúró ní ìdájí, ẹ̀yin náà mọ ohun tí àwọn wánṣáńsì ń ṣe.

Jẹ́sì: FUNFUN o. Àwọn náà ń wọ búlúù bíi tiwa, àwọn ló sì nílé. Jẹ́sì funfun, ṣòkòtò dúdú, ìbọ̀sẹ̀ funfun. Jẹ́sì wà lọ́dọ̀ mi, ìyàwó mi ti fọ̀ wọ́n, ìbọ̀sẹ̀ lẹ máa gbé wá fúnra yín. Ìdòwú, àwọ̀ ọsàn ni tìrẹ, má gbàgbé ẹ̀ sílé mọ́! Òfin ní jẹ́sì gólikípà kò gbọdọ̀ jọ ti ẹnikẹ́ni lórí pápá. Nígbà tó gbé yẹ́lò wá, tí àwọn tá a fẹ́ bá gbá náà sì wọ yẹ́lò, ṣẹ́ẹ̀tì pupa ọmọ tó ń ta píọ̀ wọ́tà la yá fún un. Kò dé ìdodo rẹ̀. Gbogbo ìgbà tó bá nawọ́ sókè mú bọ́ọ̀lù ni àwọn òǹwòran ń pariwo "Baba onídodo!"

Ẹ mú ṣíńgáàdì wá, rẹfirí ò ní jẹ́ kí ẹ wọlé láìsí i. Òrùka àti ẹ̀wọ̀n ọrùn, ẹ bọ́ ọ sílé. Téèpù tí ẹ máa ń fi wé e, òfin ò gbà á. Òjò ti ń rọ̀ láti àná, pápá yẹn á yọ̀, ẹni tó bá ní búùtù elékàn-án gígùn ló máa lè dúró.

Àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀, 4-4-2:

Gólì: Ìdòwú (1)
Ẹ̀yìn: Kúnlé (2), Fẹ́mi (4), Bàbá Ìbejì (5, káputéènì), Alfa (3)
Àárín: Dàda (7), Táyé (6), Ségun (8), Jímọ̀ (11)
Iwájú: Wásíù (9), Àlàbá (10)

Bẹ́ńṣì: Délé (gólì kejì), Káyọ̀dé, Ràṣídì, Túnjí, Lékan.

Kọ́ọ̀ṣì ní kí n sọ fún Kúnlé àti Alfa pé kí wọ́n má jọ sáré lọ síwájú lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ọ̀kan bá lọ, kí èkejì dúró ti Bàbá Ìbejì. Wíńgà wọn nọ́ńbà 7 yẹn, ẹsẹ̀ òsì ló fi ń gé wọ inú, ẹ má fàyè gbà á láàárín.

Ẹ fi àtàǹpàkò sábẹ́ ọ̀rọ̀ yìí tí ẹ bá ti rí i. Ẹni tí kò bá tẹ̀ ẹ́ kó tó di aago 9:00 alẹ́ ọ̀la, mo máa fi ẹlòmíràn rọ́pò ẹ̀.

Lékan, má pè mí o. Èmi kọ́ ló sọ pé kí o má wá sí tìrénì lẹ́ẹ̀mejì. Kọ́ọ̀ṣì ni kó o pè.