Ọjọ́ Tí Ṣúgà Ìyá Wálé Já

Oníbàárà náà ti Èkó wá. Ó na àdìrẹ ẹlẹ́kọ yáàdì márùn-ún sókè, ó yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn, ó sì bèèrè pé èló ni.

"Ẹgbẹ̀rún kan," ni Ìyá Wálé dá a lóhùn.

Ìyá Kúdí, tó ń ta òwú àti bọ́tìnnì ní ìsọ̀ òdìkejì, gbójú sókè. Aṣọ tí wọn kì í fọwọ́ kan bí kò bá tó ẹgbẹ̀rún méjìlá! Gbogbo ọjà Ìtòkú ló mọ̀ pé Ìyá Wálé kì í ṣi iye pè. Àwọn tó kéré sí i tilẹ̀ máa ń wá bi í léèrè kí wọ́n tó dá iye lé ọjà tiwọn.

Oníbàárà rò pé òun ò gbọ́ dáadáa. Ó tún bèèrè. Ni Ìyá Wálé bá jágbe mọ́ ọn: "Ṣé o máa rà á ni àbí o ò ní rà á?" Ẹni tó jẹ́ pé "olówó mi", "oníre mi" ló máa ń pe oníbàárà látàárọ̀ dalẹ́.

Ìyá Kúdí wò ó dáadáa. Fáànù ń fẹ́ sí i lójú, síbẹ̀ òógùn ń ṣàn wọ ọrùn bùbá rẹ̀. Ó fẹ́ ká aṣọ, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, aṣọ ò ká. Ìyá Kúdí dìde láti sọdá. Kò tíì dé ọ̀hún tí Ìyá Wálé fi yọ̀ bọ́ lórí àpótí, ó sì ṣubú sáàárín aṣọ.

Ọ̀sẹ̀ ọdún Lísàbí ni, ẹsẹ̀ ò gbèrò lọ́jà. Kíá ni èrò ti pé bo ìsọ̀ náà.

"Ẹ da omi lé e lórí!"

"Wárápá ni! Ẹ wá ṣíbí kí ẹ fi là á lẹ́nu!"

Bàbá kan ti ń gbé epo pupa bọ̀ nínú ife. Obìnrin kan ń sunkún pé ayé ló ta á lọ́fà, pé ó ti tà jù lọ́sẹ̀ yìí, ojú ti wọ̀ ọ́. Ire ni gbogbo wọn ń fẹ́ fún un, n kò ṣiyèméjì ìyẹn. Ṣùgbọ́n epo yẹn ì bá pa á kí àìsàn tó pa á.

"Ẹ má fi nǹkan kan sí i lẹ́nu!" Ìyá Kúdí na apá méjèèjì. "Bàbá, mo bẹ̀ yín, ẹ gbé epo yẹn sílẹ̀. Kò lè gbé nǹkan mì báyìí, ọ̀nà èémí ni yóò gbà lọ."

Àtọ̀gbẹ ń bá ọkọ Ìyá Kúdí fínra, abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì ló sì ń gún. Àwọn nọ́ọ̀sì ti jókòó ti obìnrin yìí, wọ́n ti kọ́ ọ ní ohun tó yẹ kí ó máa ṣọ́: òógùn òjijì, ọwọ́ tó ń gbọ̀n, ebi tó ń hanni léèmọ̀, ọ̀rọ̀ tí kò bára mu, ìbínú tí kò nídìí. Ó ti rí i lára ọkọ rẹ̀ lóru rí. Ó kúnlẹ̀, ó fọwọ́ kan ọrùn Ìyá Wálé. Ó tutù, òógùn sì rin ín gbingbin. Ó ń mí, ṣùgbọ́n kò dáhùn nígbà tí wọ́n pè é.

"Sódíìkì, bá mi dà á sí ẹ̀gbẹ́. Tẹ orúnkún rẹ̀ yìí, kí ó má baà dà padà. Ẹ̀yin èèyàn, ẹ jẹ́ kó rí atẹ́gùn!"

Sódíìkì ni télọ̀ tó wà létí ìsọ̀ wọn. Bó ṣe ń dì í mú ni Ìyá Kúdí tú àpò tó wà nídìí Ìyá Wálé wò. Lábẹ́ owó ló ti rí páálí oògùn pélébé kan. Ó ní kí wọ́n sáré pe ọmọ tó ń ta oògùn ní kẹ́míìsì ìdí ọ̀nà, kí ó gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ṣúgà dání.

Ọmọ náà dé, ó ń mí hẹlẹ. Ó ka ara páálí: gilibẹnkiláámáìdì. "Oògùn àtọ̀gbẹ ni, ó máa ń fa ṣúgà wálẹ̀ gan-an." Ó gún un níka, ó fi ẹ̀jẹ̀ sí i, wọ́n dúró. 31 ló jáde. Ó yẹ kí ó tó 70, ó kéré tán.

Wọn ò dúró mọ́. Sódíìkì dá máruwá kan dúró, wọ́n sì gbé e sínú rẹ̀, orí rẹ̀ lórí itan Ìyá Kúdí, ojú rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kí itọ́ lè máa ṣàn jáde. Oníbàárà ará Èkó yẹn ló dúró ti ìsọ̀ títí Wálé fi dé.

Ní ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìjàyè, Ìyá Kúdí ò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹkún. Ó na páálí oògùn sí nọ́ọ̀sì: "Àtọ̀gbẹ ni. Oògùn rẹ̀ rèé. 31 ni ṣúgà rẹ̀ nígbà tá a wọ̀n ọ́n lọ́jà. A ò fún un ní nǹkan kan mu." Nọ́ọ̀sì náà sáré. Wọ́n wá iṣan rẹ̀, wọ́n fa omi gúlúkóòsì sí i. Kò pẹ́ tí Ìyá Wálé fi lajú.

"Ta ló wà ní ìsọ̀ mi?"

Nígbà tí dókítà bi í ni ohun tó ṣẹlẹ̀ hàn síta. Ìdájí ló ti lọ sí Kẹ́mta lọ kó aṣọ lọ́dọ̀ àwọn aláró. Ó gbé oògùn mì kí ó tó jáde. Ó mu àgbo kíkorò kan lé e, pé kí ṣúgà lè tètè lọ. Oúnjẹ ni kò jẹ: ó ní òun á ra ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín bí òun bá dé ìsọ̀, oníbàárà sì ti ń dúró dè é.

Ó fẹ́ máa lọ sílé. Dókítà kọ̀ jálẹ̀. Ó ní oògùn yẹn kì í tètè kúrò lára, ó lè máa ṣiṣẹ́ di ọjọ́ kejì, ṣúgà sì lè tún já. Lóòótọ́, nígbà tó di alẹ́, ó tún lọ sí 58. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ dá báyìí, ó lè gbé nǹkan mì, nítorí náà ẹnu ni wọ́n gbà tọ́jú rẹ̀: ṣúgà oníhóró mẹ́rin nínú omi, ìṣẹ́jú 15, wọ́n tún wọ̀n ọ́n, ó ti di 84. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fún un ní búrẹ́dì àti ẹyin.

"Ìyá Wálé, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa?" ni Ìyá Kúdí bi í.

Ó pẹ́ kó tó dáhùn. "Ta ló máa gbé aṣọ àwìn fún ẹni tí wọ́n bá ní ó ń ṣàìsàn? Wọ́n á ní mo lè kú kí n tó san án."

Mi ò lè dá a lẹ́bi. Àwìn ló gbé ọ̀pọ̀ ìsọ̀ ró ní Ìtòkú.

Dókítà yí oògùn rẹ̀ padà, ó sì ní kí ó fi àgbo sílẹ̀. Lọ́jọ́ tó padà sọ́jà, ó jẹun tán kí ó tó ṣí aṣọ kankan. Ó wá pe gbogbo àwọn tó wà ní ìlà wọn, ó mú ike ṣúgà kan, ó gbé e kọ́ ara òpó níbi tí gbogbo ojú ti lè rí i.

"Mo ní àtọ̀gbẹ. Bí ẹ bá rí i pé mo ń làágùn láìnídìí, tí mo ń sọ ìsọkúsọ, ẹ fún mi ní èyí bí mo bá lè gbé e mì. Bí mi ò bá lè gbé e mì, ẹ dà mí sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹ gbé mi lọ sílé ìwòsàn."

Àwọn kan kí i. Ìyá Aláró, àgbàlagbà tó ń ta ẹ̀lú nígun ìlà, dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá ní: "Èmi náà ní in. Ó ti tó ọdún mẹ́ta. Òógùn yẹn tún bò mí láàárọ̀ yìí."

"Ṣé ẹ ti jẹun, Mọ̀mọ́?" ni Ìyá Kúdí bi í. Ó ní rárá. Ìyá Kúdí ti fà á lọ́wọ́ dìde, ó ń pariwo orúkọ ọmọ kẹ́míìsì, Ìyá Wálé sì ń já ike ṣúgà náà kúrò lára òpó.