Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa ṣírò iye owó ẹ̀rọ omi, kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn àti iná fún ilé àlejò oníyàrá mẹ́jọ ní Kàbà

Alájì wa,

Ẹ kú ọjà, ẹ sì kú àárẹ̀. Àwọn ará ilé ńkọ́? Ìyá Dúpẹ́ ni mò ń kọ̀wé láti Kàbà. Pọ́lọ́ńbà tó ṣiṣẹ́ nílé ẹ̀gbọ́n mi ní Òmù-Àrán ló júwe ṣọ́ọ̀bù yín ní Ìlọrin fún mi. Ó ní bí ọjà bá ní àbùkù, ẹ máa ń gbà á padà láìjà. Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú mi kọ̀wé sí yín kí n tó dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn.

Ilé àlejò kékeré ni èmi àti bàbá Dúpẹ́ ń kọ́, ó sì ti ń parí lọ. Yàrá mẹ́jọ ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní ilé ìwẹ̀ tirẹ̀. Àwọn tó bá wá síbi ìsìnkú àti ìgbéyàwó lópin ọ̀sẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń lọ sí Ọbájáná, àti àwọn ọmọ wa tó ń ti Àbújá àti Èkó wálé lóṣù Kejìlá ni a ń retí. A ti rẹ́ ilé, a ti lẹ táìsì, àwọn ilẹ̀kùn pákó sì ti wà nílẹ̀. Káfíńtà kò tíì gbẹ́ ojú kọ́kọ́rọ́ kankan, torí ó fẹ́ mọ ìwọ̀n ohun tí a máa rà.

Ẹ má bínú pé lẹ́tà mi gùn. Lọ́dún tó kọjá, a ra ẹ̀rọ omi mẹ́fà fún ilé kékeré tó wà lẹ́yìn. Wọ́n ń dán gbinrin bíi dígí. Kó tó pé oṣù mẹ́rin, mẹ́rin nínú wọn ti ń jò, ọ̀kan sì kán mọ́ pọ́lọ́ńbà lọ́wọ́. Nígbà tí a wo ojú ibi tó ti kán, síǹkì lásán ni, wọ́n kàn fi kúróòmù bò ó. Owó tí a fi tún un ṣe ju owó tí a fi rà á lọ. Nítorí náà, èmi kì í béèrè mọ́ pé èló ni ẹ̀rọ omi. Ohun tí wọ́n fi ṣe é ni mo kọ́kọ́ ń béèrè.

Ẹ̀rọ omi tí a nílò jẹ́ ọgbọ̀n: mẹ́jọ fún bésìnì, mẹ́jọ fún ṣáwà, mẹ́jọ tí àlejò á fi máa pọn omi sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, méjì fún ilé ìdáná, mẹ́rin fún ìta. Yàrá mẹ́rin péré ló ní ẹ̀rọ tó ń gbóná omi, nítorí náà ṣáwà mẹ́rin ni kó jẹ́ èyí tó ń po omi gbígbóná àti tútù pọ̀. Omi tútù nìkan ni ti mẹ́rin tó kù. Ẹ fi áńgù fáàfù mẹ́rìndínlógún kún un, pẹ̀lú ọ̀pá omi rírọ̀ mẹ́rìndínlógún. Gbogbo ojú páìpù wa jẹ́ ìdajì íǹṣì. Idẹ ni mo fẹ́ kí ara ẹ̀rọ náà jẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ìwúwo ọ̀kọ̀ọ̀kan síwájú iye rẹ̀, nítorí ó máa ń hàn lórí òṣùwọ̀n bí wọ́n bá ti fi ohun mìíràn ṣe é.

Ohun méjì ni kí ẹ fi sọ́kàn nípa omi wa. Èkíní, kò sí ẹ̀rọ tó ń ti omi. Orí òpó ni táńkì wà, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì fi nǹkan bíi mítà méjì péré ga ju ẹnu ṣáwà lọ. Agbára rẹ̀ kò ju nǹkan bíi 0.2 báà. Ṣáwà tó bá ń fẹ́ 1 báà kó tó tú omi jáde kò wúlò fún wa, bó ti wù kó lẹ́wà tó. Ìkejì, bọ́họ̀lù ni omi náà ti ń wá, iyanrìn wẹ́wẹ́ sì máa ń bá a jáde ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Iyanrìn yìí máa ń họ inú àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n ń yí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Fún ìta àti bọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ fún wa ní èyí tó ń lo wọ́ṣà rọ́bà, tí pọ́lọ́ńbà Kàbà lè pààrọ̀. Fún ti inú ilé tó kù, kí ẹ ṣírò inú ẹ̀rọ méjì-méjì mọ́ ọn tí a máa fi pamọ́ de ìgbà tí a bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀.

Kọ́kọ́rọ́ ló ń jẹ mí lọ́kàn jù, nítorí àlejò kì í sùn dáadáa bí ilẹ̀kùn rẹ̀ kò bá dá a lójú. A nílò mẹ́jọ fún yàrá, mẹ́jọ fún ilé ìwẹ̀, àti méjì fún ọ́fíìsì àti ilé ìkẹ́rùsí. Ilẹ̀kùn wa nípọn ní 40 mìlímítà, a sì fẹ́ èyí tí ihò kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ jìnnà sí etí ilẹ̀kùn ní 45 mìlímítà. Mẹ́rin ṣí sí ọ̀tún, mẹ́rin ṣí sí òsì. Kọ́kọ́rọ́ yàrá kan kò gbọdọ̀ ṣí òmíràn, mẹ́ta-mẹ́ta ni kí wọ́n ní, kí kọ́kọ́rọ́ àgbà kan sì wà tó lè ṣí mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Ní inú yàrá, ọwọ́ ni kí wọ́n fi máa yí i, kí ẹni tó bá fẹ́ sáré jáde lóru má ṣe máa wá kọ́kọ́rọ́ nínú òkùnkùn. Ti ilé ìwẹ̀, kó ní ojú kékeré níta tí a lè fi owó ẹyọ yí. Ọmọ ọdún mẹ́ta kan ti ti ara rẹ̀ mọ́lé lójú mi rí. Àáké ni wọ́n fi gbà á jáde. Ẹ má ṣe kọ ti oníkáàdì fún wa. Bó bá bàjẹ́, kò sẹ́ni tó máa tún un ṣe nítòsí.

Ní ti iná, inú yàrá mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ nílò ọ̀kan sí àjà, ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ilé ìwẹ̀ mẹ́jọ (IP44), ọ̀dẹ̀dẹ̀ mẹ́fà, ìta mẹ́wàá (IP65). Ti ìta gbọ́dọ̀ dí pinpin, nítorí èsúnsún máa ń kún inú iná lẹ́yìn òjò. Ilé gílóòbù B22 ni a fẹ́ fún inú ilé, kí a lè pààrọ̀ gílóòbù nìkan. Iná mọ̀nàmọ́ná wa máa ń lọ sílẹ̀ púpọ̀ lálẹ́, nítorí náà kí gílóòbù LED náà lè ṣiṣẹ́ láti 100 dé 265 fóólìtì. Ínfátà ni a máa fi gbé e nígbà tí iná bá lọ, kí ti yàrá má ju 9 wọ́ọ̀tì. Kí ìmọ́lẹ̀ yàrá jẹ́ èyí tó pọ́n díẹ̀, tí kì í ta ojú, 3000K.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ iye ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kí ẹ sọ bóyá owó VAT 7.5% ti wà nínú rẹ̀, iye ọjọ́ tí iye náà fi máa dúró, àti oṣù tí ẹ fọwọ́ sọ̀yà fún. Bí ẹ bá lè gbé e wá dé Kàbà, ẹ kọ owó ọkọ̀ náà sí i. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, àbúrò mi á fi ọkọ̀ wá kó o gba ọ̀nà Ìsánlú. Kí a tó sanwó gbogbo rẹ̀, mo fẹ́ fi owó ra ẹ̀rọ omi kan, kọ́kọ́rọ́ kan àti iná kan láti dán wò. Bó bá tẹ́ wa lọ́rùn, a ó san 60%, ìyókù di ìgbà tí a bá ka ọjà tán.

Káfíńtà ń bọ̀ ní ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀. Bí èsì yín bá lè wọlé kí Jímọ̀ tó parí, á ràn wá lọ́wọ́ gan-an, pàápàá ìwọ̀n kọ́kọ́rọ́ náà, kódà bí iye owó àwọn tó kù kò bá tíì pé.

Ẹ ṣeun, Alájì. Ẹ bá mi kí àwọn ìyàwó àti àwọn ọmọ.

Ìyá Dúpẹ́
Kàbà, Ìpínlẹ̀ Kogí