Ìdí tí mo fi ń kúrò nídìí ẹ̀yáwó bọ́ sídìí sáyẹ́ǹsì détà

Ẹ̀yin Ìgbìmọ̀ Ìgbaniwọlé,

Iṣẹ́ mi ní báǹkì ni kí n ka ìwé ẹni tó fẹ́ yáwó, kí n sì sọ bóyá yóò san án padà. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti wà nídìí rẹ̀. Iṣẹ́ náà kò sú mi. Ìbéèrè tí mo ń dáhùn lójoojúmọ́ náà ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ yín. Ohun tí mo fi ń dá a lóhùn ni kò tó mọ́.

Lábẹ́ òfin ìṣirò owó IAS 39, báǹkì kì í ka àdánù orí ẹ̀yáwó sílẹ̀ àfi tí ẹ̀rí bá ti wà pé nǹkan ti bàjẹ́. Nígbà tí IFRS 9 rọ́pò rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2018, ó di dandan kí á máa ṣírò àdánù tí à ń retí láti ìgbà tí a bá ti yá owó náà jáde. Ìṣirò tí ọ̀pọ̀ báǹkì ń lò kò gùn: PD × LGD × EAD. PD ni bí ó ti ṣeé ṣe tó kí ayáwó má san. LGD ni ìdá tí a máa pàdánù bí kò bá san. EAD ni iye tó wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tó bá dáwọ́ dúró. Méjì tó kẹ́yìn yé mi dáadáa, torí ọ̀rọ̀ dúkìá ìdúró àti ìwé àdéhùn ni wọ́n. PD ní tirẹ̀, àwọn tó ń ṣe módẹ́lì ló ń fi í ránṣẹ́ sí wa, àwa a sì gbà á bẹ́ẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè bí wọ́n ṣe rí i.

Ìbéèrè yẹn ló mú mi kọ́ SQL, kí n lè máa fa àkọsílẹ̀ ìsanwó jáde fúnra mi, lẹ́yìn náà Python. Mo fi `LogisticRegression` inú scikit-learn ṣe módẹ́lì kan lórí détà ẹ̀yáwó tó wà ní gbangba. Bí ẹni 4 nínú 100 kò bá san, módẹ́lì tó bá pe gbogbo ènìyàn ní ẹni rere yóò gba máàkì 96 nínú 100, kò sì ní tíì mú ajigbèsè kan ṣoṣo. Nítorí náà, iye àwọn tí kò san tó rí mú ni mo kọ́kọ́ máa ń wò.

Ìrírí báǹkì sì wúlò níbẹ̀ ju bí mo ti rò lọ. Nínú détà náà, iye ìgbà tí wọ́n pe oníbàárà lórí fóònù ló ń fi ẹni tí kò ní san hàn jù. Ẹni tó ti ṣiṣẹ́ ẹ̀yáwó mọ̀ pé ẹ̀yìn tí oníbàárà bá ti pa ọjọ́ ìsanwó jẹ la máa ń pè é. Módẹ́lì náà ti yọjú wo ìdáhùn. Mo yọ ọ̀wọ́ iye ìpè yẹn kúrò nínú détà náà. Máàkì rẹ̀ lọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó di ohun tí ènìyàn lè gbẹ́kẹ̀ lé.

Ibi tí agbára mi pin sí rèé. Àwọn tí a yá lówó nìkan la mọ̀ bóyá wọ́n san. Àwọn tí a lé padà, a kò mọ ohun tí wọn ì bá ṣe. Ẹni tí owó rẹ̀ kì í gba inú àkáǹtì kọjá, a sábà máa ń kọ̀ ọ́. Módẹ́lì tó bá fi ìpinnu wa kẹ́kọ̀ọ́ yóò sọ ìfura wa di ìṣirò, kò sì sẹ́ni tí yóò tún bá a jiyàn mọ́. (Ó rọrùn láti bá òṣìṣẹ́ báǹkì jiyàn ju kọ̀ǹpútà lọ.) Bí ènìyàn ṣe lè ṣe ìdájọ́ òtítọ́ láti inú détà tó ní àlàfo báyìí ni mo fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ ìwádìí mi. Ó gba ìmọ̀ sitatísítíìkì tó jinlẹ̀, àti olùkọ́ tí yóò sọ fún mi pé ibi báyìí ni mo ti ṣìnà.

Ẹ lè máa rò ó pé ìmọ̀ ìṣirò owó ni mo fi gba oyè àkọ́kọ́. Bẹ́ẹ̀ ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ́ kálíkúlọ́ọ̀sì àti áljẹ́brà mátíríìsì ní kíláàsì ìrọ̀lẹ́, mo sì yege nínú méjèèjì; ìwé ẹ̀rí wọn wà lára ohun tí mo fi ránṣẹ́. Owó tó ń wọlé fún mi yóò dínkù, èmi àti ìdílé mi sì ti ṣètò fún un.

Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ yìí, ẹ̀ka tó ń yẹ módẹ́lì ẹ̀yáwó wò kí wọ́n tó lò ó ni mo fẹ́ ṣiṣẹ́. Àwọn tó mọ ìṣirò níbẹ̀ kì í sábà mọ bí fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó ṣe ń kún; àwọn tó mọ fọ́ọ̀mù kì í lè ka ìṣirò. Mo ti sọ fún ọ̀gá mi níbi iṣẹ́, ó sì ti gbà láti kọ ọ̀kan lára àwọn lẹ́tà ìjẹ́rìí mi.